"Ọkàn Mi Ò Balẹ̀": Gbólóhùn Kan Tó Gbé Nǹkan Mẹ́rin Pọ̀

Ẹ dúró sí etí títì ní Ìbarà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ kí èèyàn mẹ́wàá tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ pé, "Ṣé kò sí o?" Gbogbo wọn ni yóò dáhùn pé a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fa ọ̀kan nínú wọn sẹ́yìn díẹ̀, ẹ bi í pé kí ló dé tójú rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ẹ óò gbọ́ pé, "Kò sí nǹkan kan jàre, ọkàn mi ni ò kàn balẹ̀." Kí ni ò jẹ́ kó balẹ̀? "Mi ò mọ̀." Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Kò purọ́ o. Kò mọ̀ lóòótọ́. Ibẹ̀ gan-an lewu sì wà, torí ìdààmú tí kò lórúkọ kì í jókòó jẹ́ẹ́ sójú kan. Ńṣe ló máa ń wá ẹni tí yóò dì mọ́. Bí kò bá dì mọ́ ìyá ọkọ, á dì mọ́ ará ilé, tàbí ọmọ iṣẹ́, tàbí àwọn tí wọ́n ń pè ní "ayé".

Ẹ jẹ́ ká fi aránṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí ẹ̀yin òǹkàwé ń rí lójoojúmọ́. Ẹni ọdún 34 ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ìbarà, ó bí ọmọ méjì, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń wálé. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu obìnrin yìí mọ́. Aago 2 òru ni ojú rẹ̀ máa ń là, á sì là kalẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó ra oògùn orí fífọ́ lọ́dọ̀ oníkẹ́mísìtì, ó lò ó tán. Ó mu àgbo. Ó lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kò ga, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Nígbà tó di pé kò sí nǹkan kan tó ṣe é, tí nǹkan sì ń ṣe é, ọ̀rẹ́ kan mú un lọ sọ́dọ̀ wòlíì.

Wòlíì gbójú sókè, ó ní: "Obìnrin pupa kan wà, ó ti jẹun lọ́wọ́ rẹ rí. Ṣọ́ra fún un."

Háà! Ta ló tún kù? Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ni. Ọmọ yẹn pupa fòò, ó jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ó ti gbòmìnira, ó sì ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí Panṣẹ́kẹ́. Aránṣọ wa ní òun ti mọ̀, ara ti ń fu òun tipẹ́. Ó ní tó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun á lọ bá a níbẹ̀, gbogbo Panṣẹ́kẹ́ ni yóò gbọ́.

Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ìyá kan tó ń gbé ilé kejì, ló dá a dúró nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Màmá, ẹ ò mọ ohun tójú mi ń rí."

"Ìwọ alára ńkọ́, ọmọ mi, ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Obìnrin náà ò lè dáhùn. Màmá wá ní kó lọ ra ìwé kékeré kan, kó máa kọ ohun tó ń ṣe é sínú rẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ náà títí di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Alẹ́ mẹ́rin péré. Ó ní tí Àbámẹ́ta bá dé, tó bá ṣì wù ú kó lọ jà, kó máa lọ.

Ká tó ṣí ìwé yẹn, ẹ jẹ́ ká dé Àrò ná, kò kúkú jìnnà sí Ìbarà. Ní 1954 ni Dókítà T. A. Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé: àwọn tí ọpọlọ wọn ò pé ń gbé láàárín àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, ẹbí wọn wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú. Dókítà kan láti Kánádà tó ń jẹ́ Raymond Prince náà ṣiṣẹ́ ní Àrò láyé ìgbà yẹn. Ní 1960, ó kọ ìwé jáde nípa àwọn ọmọ ilé ìwé Nàìjíríà tí wọ́n ń wá sọ pé orí ń ta àwọn, ó ń gbóná, ó dà bíi pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, ojú àwọn ń ṣú, ìwé tí àwọn sì ń kà ò wọlé mọ́. Wèrè kọ́ ló ń ṣe wọ́n. Ìpayà ìdánwò àti ẹrù tí gbogbo ẹbí dì lé wọn lórí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n orí àti ojú ni ẹnu wọn lè dárúkọ.

Nígbà tó di 1963, àwọn oníwádìí Yunifásítì Kọ̀nẹ́ẹ̀lì ti Amẹ́ríkà àti àwọn ti Àrò tẹ ìwé kan jáde lórí ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé rẹ̀. Lára ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wà lára àwọn èèyàn wa, àwọn èèyàn sì dá àmì kọ̀ọ̀kan mọ̀ tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ kan ṣoṣo ní Yorùbá tó kó gbogbo wọn pọ̀ bí ti òyìnbó.

Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n ní èdè wa ò tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èdè wa ò kó o pọ̀ ni, ó tú u palẹ̀. Yorùbá kì í sọ pé òun ní ìmọ̀lára kan. Ó máa ń sọ ibi tí nǹkan náà ti mú un, àti ohun tó ń ṣe é níbẹ̀. Àyà ló ń já. Inú ló ń bí. Ojú ló ń tini. Àárò ló ń sọni. Ara ló ń funi. Ẹni tó bá fẹ́ tú ìdààmú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, irinṣẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé "ọkàn mi ò balẹ̀" ti di àpò tí a ń sọ gbogbo rẹ̀ sí.

Ó dáa, ká padà sórí ìwé. Alẹ́ ọjọ́ kìíní ò dára. Ohun tí obìnrin náà kọ kò ju ìlà kan lọ: "Ọkàn mi ò balẹ̀, gbogbo nǹkan sú mi, Ọlọ́run gbà mí." Ó wò ó títí, ó pa ìwé dé. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ ìwé nù. Nígbà tó rí Màmá láàárọ̀, ó fẹ́ ka ìlà náà fún un. Màmá ní, "Má kà á fún mi o. Tìrẹ ni. Ìbéèrè kan ni mo ní: ìgbà wo ló máa ń le jù, ibo ló sì ti ń mú ọ lára?"

Ìbéèrè yẹn ló yí nǹkan padà. Aránṣọ wa ò wá ìdí kankan ní ọjọ́ kejì. Ńṣe ló kàn ń ṣọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná, ohun tó sì rí ló kọ:

"Aago 10 àárọ̀. Fóònù dún, mo rí orúkọ ìyá oníléèsì. Ọwọ́ mi tutù, mi ò gbé e.

"Aago 2 ọ̀sán. Ọ̀kadà gbé mi kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ọmọ yẹn ní Panṣẹ́kẹ́. Ọ̀fun mi há.

"Aago 9 alẹ́. Mo ń ka owó. Nǹkan kan wúwo sínú ikùn mi bí òkúta.

"Aago 2 òru. Mo na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì bẹ́ẹ̀dì, kò séèyàn. Àyà mi ṣófo."

Ẹ wò ó dáadáa. Ọwọ́, ọ̀fun, ikùn, àyà. Nǹkan kan ṣoṣo kì í fi ojú mẹ́rin jáde ní wákàtí mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ní ẹ̀yìn ohun mẹ́rin tí kò jọra. Láti alẹ́ yẹn ló ti hàn pé ẹrù náà kì í ṣe ẹyọ kan. Obìnrin náà ò sì tíì dárúkọ ohunkóhun o, ibi tó wà àti ìgbà tó dé nìkan ló kọ.

Alẹ́ kẹta ló wá kan orúkọ. Iṣẹ́ aránṣọ ló sì ṣe sí i: tí apá aṣọ kan ò bá bá èjìká mu, ẹ kì í fi tipátipá rán an, ńṣe lẹ ó tú u, kẹ́ ẹ gbé òmíràn wò. Ó mú ti ọmọ iṣẹ́ àtijọ́ ṣáájú, torí òun ló gbóná jù lẹ́nu. Ó kọ ọ́ pé, "Inú ń bí mi sí i." Ìbínú ní ìbéèrè tirẹ̀: kí lẹni náà ṣe? Ó gbé bírò dúró. Ó wá kọ ọ́ pé, "Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó pé ọdún mẹ́ta tá a jọ sọ, ó ṣe fírídọ̀ọ̀mù, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lójú gbogbo èèyàn." Ìbínú ò bá a mu. Ó tú u.

Ó gbé "ara ń fu mí" wò. Ìfura náà ní ìbéèrè tirẹ̀: kí lẹ rí, ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún yín? Kò rí nǹkan kan ṣáájú ọ̀rọ̀ wòlíì. Ó tú ìyẹn náà. Ó ku ìlara àti owú, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń pe méjèèjì ní nǹkan kan náà, bẹ́ẹ̀ wọ́n yàtọ̀. Ìlara ni kí ojú ẹni máa wọ ohun ẹlòmíì: ó ní in, èmi ò ní in. Owú ni kẹ́rù máa bani pé ohun tó jẹ́ tẹni fẹ́ di ti ẹlòmíì. Ṣọ́ọ̀bù ọmọ yẹn ò tó tirẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni. Kí ló wà níbẹ̀ téèyàn máa ṣe ìlara rẹ̀? Ṣùgbọ́n oníbàárà méjì ti ṣí lọ síbẹ̀. Ó kọ ọ́ pé, "Owú ni. Mo ń jowú ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́." Kò dùn ún láti kọ. Ṣùgbọ́n ọ̀fun tó há yẹn dẹ̀ díẹ̀. Àwọn tó ti ń ṣe é mọ àmì yìí: ọ̀rọ̀ tó bá ṣe wẹ́kú, kì í fìgbà gbogbo dùn, ṣùgbọ́n ara máa ń gbà á, èèyàn á mí kanlẹ̀. Èyí tí kò bá ṣe wẹ́kú, ẹ ó kàn máa fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ ni láti gbè é lẹ́sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá oníléèsì ló wá le jù. Obìnrin yìí kó léèsì ọ̀pá márùn-ún wá, aránṣọ gé apá rẹ̀ ṣì, aṣọ ò sì tó mọ́. Ìyá náà pariwo lé e lórí ní ṣọ́ọ̀bù lójú àwọn èèyàn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bọ́ sórí ìwé ni "ojú tì mí". Ìtìjú fẹ́ mọ ẹni tó rí i. Èèyàn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ìtìjú wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdánwò kan wà tó ń ya ìtìjú sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀: ká ní kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ ńkọ́, ṣé á ṣì máa dùn ún? Ó pẹ́ kó tó kọ ìdáhùn:

"Á ṣì máa dùn mí. Torí mo sọ fún un pé aṣọ ẹ̀ ni ò tó látìbẹ̀rẹ̀. Ó tó. Èmi ni mo gé e ṣì."

Ó parí! Èyí kì í ṣe ìtìjú mọ́, ẹ̀rí ọkàn ló ń dá a lẹ́bi. Irọ́ kan tó pa ní ìṣẹ́jú kan ló sì fà á tí ọwọ́ rẹ̀ fi ń tutù nígbàkígbà tí fóònù bá dún. Wòlíì ò rí ìyẹn. Panadó ò sì lè mú un lọ.

Ti owó ò gba àkókò. Kì í ṣe ìbẹ̀rù, torí kò sí ohun tó dúró síwájú rẹ̀ báyìí tó fẹ́ pa á lára. Àníyàn ni, ohun tí ń bọ̀ ló ń wò. Àníyàn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ bí kò ṣe pẹ̀lú iye àti ọjọ́, ó sì kọ méjèèjì: owó ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ₦240,000, ó gbọ́dọ̀ san án ní ìparí oṣù kìíní ọdún, ₦95,000 ló wà nílẹ̀, ₦145,000 ló kù, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló sì wà níwájú. Ó pín in, ó já sí ₦16,000 àti ọgọ́rùn-ún náírà lé díẹ̀ lọ́sẹ̀. Owó ńlá ṣì ni. Ṣùgbọ́n ₦16,000 lọ́sẹ̀ ṣeé bá wí. "Gbogbo nǹkan sú mi" ò ṣeé bá wí. Ní ti bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo, àárò ọkọ rẹ̀ ló ń sọ ọ́, kò nílò ìdánwò kankan.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó fi máàkì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú 10, bí tíṣà ti í máa ṣe. Ẹ̀rí ọkàn nítorí léèsì: 8. Àníyàn owó ṣọ́ọ̀bù: 6. Àárò: 5. Owú ọmọ Panṣẹ́kẹ́: 3. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tí wọ́n nawọ́ sí níwájú pẹpẹ, òun ló gba máàkì tó kéré jù. Lábẹ́ wọn, ó fa ìlà, ó kọ ọ́ pé, "Nǹkan kan ṣì kù tí mi ò tíì mọ." Kò wá orúkọ tipátipá fún ìyẹn, ó sì ṣe dáadáa, torí orúkọ tí wọ́n bá fi ìkánjú sọ nǹkan, bíi ti wòlíì yẹn náà ló máa rí.

Ohun tó tún wúlò nínú pínpín yìí ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń béèrè ohun tirẹ̀. Ẹ̀rí ọkàn fẹ́ òótọ́ àti àtúnṣe. Àníyàn fẹ́ ètò. Àárò fẹ́ kí ẹni tó jìnnà gbọ́. Owú ò ní kí ẹ ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ń bọ́ lọ lọ́wọ́ yín àti ìdí rẹ̀. Nígbà tí aránṣọ ronú nípa oníbàárà méjì tó lọ yẹn, ó rántí pé ọ̀kan nínú wọn gba aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ àríyá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta pé, kò lọ sí Panṣẹ́kẹ́. Ilé ìyá oníléèsì ló lọ, ó sọ òótọ́, ó ní òun á ra ọ̀pá méjì padà. Ẹ má rò pé wọ́n dì mọ́ra o. Ìyá náà tún fi í bú, ó gba owó léèsì, ó sì kó aṣọ rẹ̀ lọ fún ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ náà, aago 4 kọjá lojú obìnrin yìí tó là.

Ṣé dídárúkọ nǹkan lásán lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ara? Àwọn oníwádìí yunifásítì kan ní Lọsi Áńjẹ́lẹ́ẹ̀sì dán an wò, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2012. Wọ́n kó èèyàn 88 tí wọ́n ń bẹ̀rù aláǹtakùn jọ, wọ́n ní kí wọ́n sún mọ́ aláǹtakùn ńlá onírun kan. Wọ́n ní kí àwọn kan máa fi ọ̀rọ̀ sọ ẹ̀rù tó ń bà wọ́n gan-an bó ṣe rí. Kí àwọn kan máa sọ pé kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Kí àwọn kan máa sọ ọ̀rọ̀ míì tí kò kàn án. Wọ́n ò sì ní kí àwọn tó kù sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n tún kó wọn dé iwájú aláǹtakùn. Ọwọ́ àwọn tó dárúkọ ẹ̀rù wọn kò làágùn tó ti àwọn yòókù, àwọn tó sì lo ọ̀rọ̀ ẹ̀rù púpọ̀ ló jèrè jù. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé nígbà tí wọ́n bi wọ́n bí ẹ̀rù ṣe bà wọ́n tó, ìdáhùn wọn kò yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ara ti gbọ́ kí ẹnu tó gbọ́.

Ti ìwé kíkọ ti wà ṣáájú ìyẹn. Ní 1986, James Pennebaker àti Sandra Beall ní kí akẹ́kọ̀ọ́ 46 ní Amẹ́ríkà máa kọ̀wé fún ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn pẹ̀lú bó ṣe rí lára wọn ló dín lílọ sí ilé ìwòsàn kù ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà. Àmọ́ inú wọn bàjẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ kété tí wọ́n kọ ọ́ tán. Ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn, kó má bàa yà yín lẹ́nu. Àwọn tí wọ́n ṣe irú ìwádìí yìí lẹ́yìn wọn pọ̀, nígbà tí ẹnì kan sì kó 146 nínú wọn pọ̀ ní 2006, ó rí i pé èrè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Ẹni tó bá ní ìwé kíkọ ń wo gbogbo àrùn, ọjà ló ń tà.

Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé àṣà òyìnbó ni. Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san ti Ìbàdàn, gbajúmọ̀ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníkòkó, bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé ojoojúmọ́ tirẹ̀ ní 1914, ó sì kọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn dòní. Gbèsè àti àìrówóná tó ń dà á láàmú kún inú rẹ̀, nígbà tí àwọn ará ìta ń wò ó bí ọ̀làjú. Èdè òyìnbó ló fi kọ ọ́ ṣá. Ẹni tí inú ń bí ní Yorùbá, kó kúkú bínú náà sórí ìwé ní Yorùbá. Orúkọ wọn kò ní sọnù lójú ọ̀nà.

Ìwé yìí máa ń bàjẹ́ o, ọ̀nà méjì ló sì sábà máa ń gbà bàjẹ́. Èkíní ni kó di ìwé ẹjọ́. Ẹ ka ojú ewé kan, tó bá jẹ́ pé "ó sọ, ó ṣe, ó wò mí" ló kún ibẹ̀, tí "mo" ò tó nǹkan, ẹlẹ́rìí lẹ ń wá. Èkejì ni kó máa yí bí ẹni ń gún iyán tí kò sí iṣu nínú odó. Àmì rẹ̀ ni pé gbólóhùn kan náà á jáde ní ọjọ́ mẹ́ta léra, kò sí ibì kan tuntun lára, kò sí wákàtí, kò sí iye. Ìbéèrè "kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?" ló sábà máa ń dá a sílẹ̀. Ẹ fi "kí ló ṣẹlẹ̀, níbo, aago mélòó?" rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ìṣẹ́jú 15 tó fún un. Tó bá ṣì ń yí, ẹ pa ìwé dé fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Nǹkan sì wà tó ju agbára bírò lọ. Ẹni tí kò rí oorun sùn, tí kò lè jẹun, tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tó ń gbọ́ ohùn tẹ́nì kankan ò gbọ́, kó gba ilé ìwòsàn lọ; ní Abẹ́òkúta, Àrò ṣì wà. Ẹni tó bá ń rò ó pé kóun kú, kó má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ yẹn náà ni kó lọ, kí ẹnì kan sì tẹ̀ lé e. Kó mú ojú ewé tó kọ wákàtí àti ibi tó ń mú un lára sí dání, torí dókítà lè fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ju "ọkàn mi ò balẹ̀" lọ.

Ní ti ibi tí ìwé máa wà, tẹ́nikẹ́ni bá lè kà á, ẹ ò ní kọ òótọ́ síbẹ̀, àṣemọ́ ni. Fóònù tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré kì í ṣe ibi ìpamọ́. Lẹ́tà kan péré ni kẹ́ ẹ fi dúró fún orúkọ èèyàn. Àwọn míì máa ń ya ojú ewé kúrò tí wọ́n bá ti ṣe ohun tó béèrè tán, wọ́n á fi dáná. Aránṣọ wa ní tirẹ̀ kó o sísàlẹ̀ àpò àjákù aṣọ, lábẹ́ ẹ̀rọ, níbi tí ọkọ ò ti ní wá nǹkan kan, níbi tí ọmọ iṣẹ́ ò sì ní fọwọ́ kàn láì gbàṣẹ.